Yíyan Fíìmù Eré Ìdárayá fún Ẹni Tí Kì í Wo Eré

Orúkọ Ràṣídì Yẹkínì ni wọ́n fi ń pe gbàgede ńlá tó wà ní pápá ìṣeré ìjọba ní Ìlọrin. Ọmọ Ìrá ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kwara tí kò jókòó wo bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí ló mọ àwòrán rẹ̀ ti ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, níbi tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń ké bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dallas ni wọ́n wà, Bùlùgéríà ni wọ́n ń bá gbá, gólù náà sì ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ẹ wá wo gólù yẹn fúnra rẹ̀. Kò ṣòro rárá. Fìnídì George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, Yẹkínì na ẹsẹ̀ sí i níwájú ilé, ó wọlé. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ ti rí irú rẹ̀ láìmọye, ó sì ti rí èyí tó dára jù ú lọ. Síbẹ̀, ìyá àgbà tí kò mọ ọfusáìdì yàtọ̀ sí kọ́nà lè wo ọkùnrin yẹn nínú àwọ̀n kí omi lé sí i lójú, pàápàá bó bá mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ló dá wà ní Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́, tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé sí Ìrá.

Àárín gólù yẹn àti àwòrán yẹn ni ọ̀rọ̀ orí yìí wà. Ẹni tí kì í wo eré kan kò ní òṣùwọ̀n tó lè fi wọn ọgbọ́n ẹsẹ̀ tàbí ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Kò lè mọ èyí tó ṣòro yàtọ̀ sí èyí tó rọrùn, nítorí náà ohun tó ń mú olólùfẹ́ eré fò sókè lórí àga kò ní mì í ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ gbèsè? Ta ni kò mọ ìtìjú, tàbí ẹ̀rù ọlọ́pàá, tàbí ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé gbójú lé? Èrò mi ni pé fíìmù tó bá fẹ́ wọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn gbọ́dọ̀ fi hàn án, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹni tó ń ṣeré yóò pàdánù ní ilé bí wọ́n bá nà án ní pápá. Bí fíìmù bá ti ṣe èyí, olùwòran yóò fara da òfin tí kò yé e, yóò fara da orúkọ tí kò lè pè, yóò sì máa bèèrè pé iye ìṣẹ́jú wo ló kù. Bí kò bá ṣe é, kò sí orin àti ìlù tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á fi irú eré, òkìkí agbábọ́ọ̀lù tàbí àmì ẹ̀yẹ tí fíìmù gbà yan fíìmù fún ẹni tí kì í wo eré. Ohun tó so mọ́ eré náà ni kí á fi yàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù kan tú palẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Rise, ó sì jáde lórí Disney+ ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Akin Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ tó dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ òǹkọ̀wé Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ló darí rẹ̀. Ìtàn ìdílé Adétòkunbọ̀ ni: Charles, ọmọ Yorùbá, àti Vera ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n kúrò ní Èkó, tí wọ́n fi Francis àkọ́bí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà, tí wọ́n sì lọ bí ọmọkùnrin mẹ́rin sí ìlú Áténì ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Bí àwọn Gíríìkì ṣe kọ orúkọ wọn sínú ìwé ló sọ ọ́ di Antetokounmpo. Giannis, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ló di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Básíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ń dúró dè ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ìdí tí mo fi mú fíìmù yìí ṣáájú nìyẹn, nítorí tó bá mú ẹni tí kò mọ eré náà lọ́kàn, kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ló mú un.

Kí ni fíìmù náà kọ́kọ́ gbé kalẹ̀? Àìníwèé ni. Bàbá àti ìyá kò ní ìwé ìgbélùú, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ náà kì í sì í ṣe ọmọ onílùú lójú òfin Gíríìsì. Wọ́n ń kiri aago, báàgì àti dígí ojú ní òpópónà kí wọ́n tó rí owó ilé san. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó bá dá wọn dúró lè fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni bọ́ọ̀lù tó wọlé, ohun kékeré kan ni fíìmù náà sì fi so ó mọ́ ohun tó wà nílẹ̀: Giannis àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thanasis ń lo bàtà eré ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jáde nínú eré yóò bọ́ ọ, èyí tó ń wọlé yóò wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti wọ aṣọ ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ kù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bàtà yẹn fún un. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn bá fò sókè ni a óò máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé ibi pé kí ẹgbẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà yàn án, ìwé ìrìnnà ló di wàhálà, kì í ṣe agbára rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni Gíríìsì sọ ọ́ di ọmọ onílùú, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ Milwaukee sì yàn án, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n pè ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí eré tó ń ṣe nínú NBA, fíìmù rẹ̀ parí kó tó ṣe eré kankan níbẹ̀, kò sì sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ fún ẹni tí kì í wo básíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò sọ pé fíìmù náà kò ní àléébù o. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù ọmọdé ló ṣe é, ó sì rọ níbi kan tó yẹ kó le, pàápàá ìkórìíra tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń rí ní Áténì ní àkókò náà.

Láti inú èyí ni ẹ ti lè rí ọ̀nà tí a fi ń dán fíìmù wò kí dátà tó tán. Ẹ má fi ìpolówó rẹ̀ ṣèdájọ́, torí iṣẹ́ ìpolówó ni láti kó gólù, igbe èrò àti orin jọ sínú ìṣẹ́jú méjì, fíìmù tó dára àti èyí tí kò dára sì máa ń jọ ara wọn níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ fíìmù náà gan-an ni kí ẹ wò. Lórí Netflix, bí ẹ bá lọ sí ibi ètò, tí ẹ sì yan èyí tó kéré jù, nǹkan bí 0.3 GB ni wákàtí kan ń jẹ, nítorí náà ogún ìṣẹ́jú kò ju 0.1 GB lọ. Bí ẹ bá fi sí HD, wákàtí kan lè jẹ tó 3 GB. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń wò ó ní ìbéèrè kan: bí wọ́n bá na ẹni yìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Bó bá ní wọn kò ní fún un ní ife, tàbí tó ní òun ò mọ̀, ẹ pa á. Bó bá ní wọn yóò lé wọn kúrò nílùú, tàbí pé kò ní lè wo ojú bàbá rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìbéèrè yìí ṣe kókó ju kí ẹ bi í bóyá ó ń gbádùn rẹ̀, torí ọmọlúàbí yóò ní òun ń gbádùn rẹ̀ kó má bàa bí yín nínú.

Ohun kejì tó ń ṣe irú olùwòran yìí ni òfin eré. Àwọn kan gbà pé eré tí òfin rẹ̀ le kò lè wọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́kàn, àti pé ó dára kí á dúró sórí eré sísá tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí ojú lásán lè túmọ̀. Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n Lagaan já a ní koro. Ashutosh Gowariker ló darí fíìmù Íńdíà yìí, ó jáde ní ọdún 2001, ó gùn tó wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 44, kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni eré inú rẹ̀, eré tí òfin rẹ̀ lè dá àgbàlagbà lágara. Ọdún 1893 ni ìtàn náà wáyé ní abúlé kan tí òjò kọ̀ láti rọ̀ sí. Ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ bá àwọn ará abúlé ta kókó ọ̀rọ̀: kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ ogun òun ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ará abúlé bá borí, wọn kò ní san owó òde fún ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ìlọ́po mẹ́ta ni wọn yóò san. Ẹ kíyè sí i pé a ti mọ ohun tó wà nínú ewu, dé orí iye rẹ̀, kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń di igi eré náà mú.

Ọgbọ́n tí olùdarí wá lò fún òfin rọrùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fíìmù kì í lò ó: kò sí ẹni tó mọ eré náà nínú abúlé. Bhuvan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ìpèníjà náà, sọ fún wọn pé kò yàtọ̀ sí eré igi tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń ṣe. Wọ́n ń lọ yọjú wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n ń ṣì í mọ̀, arábìnrin ọ̀gá ológun náà sì wá ń kọ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́. Àìmọ̀ tiwa àti tiwọn jọ ń dín kù ni, kò sì sí ẹnì kankan tó dojú kọ wá láti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Ẹ wo ibi tí Kachra ti wọ ẹgbẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan rọ, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìyókù abúlé kì í fẹ́ fara kàn. Ó ju bọ́ọ̀lù kan padà, bọ́ọ̀lù náà balẹ̀, ó sì yí gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Inú Bhuvan dùn, ó ní ẹni tí àwọn ń wá nìyí, ni àwọn tó kù bá yarí pé àwọn kò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣeré. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, olùwòran ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó ń yí lẹ́yìn tó balẹ̀ ṣòro láti gbá, ó sì ti mọ ohun tó ń ya abúlé náà. Bí ẹ bá rí fíìmù tó ní ẹni tí kò mọ eré nínú, tó ń kọ́ ọ lójú wa, ẹ̀rí rere ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àlàyé ni wọ́n kọ sójú àwòrán, tàbí ohùn kan ń sáré ka ìtàn ìdíje láti ọdún dé ọdún, ẹ ti mọ̀ pé àwọn tó ti mọ eré náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Fíìmù eléré ni méjèèjì tí mo ti sọ o, níbi tí òṣèré ti ń ṣojú ẹlòmíì. Ní ti dọ́kúmẹ́ńtárì tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀, ibi tí mo máa ń wò ni ohun tí kámẹ́rà ń ṣe nígbà tí kò sí eré. Hoop Dreams ti Steve James, tó jáde ní ọdún 1994, ni mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi tẹ̀lé ọmọkùnrin méjì ní Chicago, William Gates àti Arthur Agee, tí wọ́n ń lépa àti di agbábásíkẹ́ẹ̀tì ńlá. Ilé-ìwé aládàáni tó mú Arthur nítorí eré rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó ilé-ìwé san, ó sì padà sí ilé-ìwé ìjọba. Ní àkókò kan wọ́n já iná ilé wọn, kámẹ́rà sì wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe eré púpọ̀ nínú fíìmù yìí, ṣùgbọ́n ibi tó máa ń mú ènìyàn jù kò ní bọ́ọ̀lù nínú. Sheila ìyá Arthur ti ń kàwé láti di olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láìsí ẹni tó kà á kún, wọ́n wá sọ fún un pé òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní nínú kíláàsì rẹ̀. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Kí ni èyí ń ṣe nínú fíìmù básíkẹ́ẹ̀tì? Ó ń ṣe iṣẹ́ tí gólù kò lè ṣe: ó jẹ́ ká rí ilé tí ọmọ yẹn ń sáré fún. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì, kò sí èyí tó dé NBA. Fíìmù náà gùn tó wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀, kò sì sí ìṣẹ́gun ní òpin rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó dé ibi ìyá yẹn kò ní dìde mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́ sí kò ṣòro láti dá mọ̀ bí a bá fi fíìmù méjì lórí ìtàn kan ṣoṣo wéra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, Ọsirélíà gbá American Samoa ní gólù 31 sí òdo. Nicky Salapu ló ń ṣọ́lé fún wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Salapu kan náà wà nínú ilé nígbà tí wọ́n borí Tonga ní 2 sí 1, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn nínú ìdíje ìyege ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Mike Brett àti Steve Jamison wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, dọ́kúmẹ́ńtárì wọn, Next Goal Wins, sì jáde ní ọdún 2014. Nínú rẹ̀, aṣọ́lé yìí gbé ìtìjú kan rù tí ẹnikẹ́ni yóò mọ ìwọ̀n rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn Thomas Rongen náà sì ti pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀ ọ̀dọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀. Ní ọdún 2023, Taika Waititi fi òṣèré ṣe ìtàn náà lákọ̀tun pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ó sọ akọ́nimọ̀ọ́gbá di ojú ìtàn, ó sì fi àwàdà bo àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Wọ́n wá di ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín kí a tó mọ ohun tó ń dun wọ́n. Nígbà tí gólù sì wọlé ní ìkẹyìn, gólù lásán ni. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn, ẹ yẹ ọdún wò dáadáa: 2014 ni kí ẹ mú.

Ọ̀nà kejì tó ń gbà bàjẹ́ ni kí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ṣíṣe é. The Last Dance, tí wọ́n ṣe ní apá mẹ́wàá lórí Michael Jordan ní ọdún 2020, gbádùn mọ́ olólùfẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ Jordan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é. Kò burú fún ẹni tó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wákàtí púpọ̀ ni yóò fi gbọ́ bí ẹnì kan ṣe borí gbogbo ènìyàn. Àmì tí mo fi ń dá irú fíìmù yìí mọ̀ ni pé àwọn tó pàdánù kì í rí àyè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n yin ẹni tó nà wọ́n ni wọ́n ṣe pè wọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, fíìmù ẹkún ni mo ń wá, eré ìdárayá kàn di àwáwí. Àtakò yìí lágbára, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ yọ eré kúrò nínú Lagaan kí ẹ wò ó. Ohun tí yóò kù ni àwọn àgbẹ̀ tó ń bẹ ọba kí ó bá wọn dín owó òde kù, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì lè gba ogún ọdún láìní ìdáhùn. Eré ló fún ìyà wọn ní ọjọ́ àti wákàtí, tó fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé bí òòrùn ọjọ́ kẹta bá wọ̀, èsì yóò ti jáde, kò sì sí ẹni tó lè fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sún un síwájú. Ìdíje tó wà ní òpin fíìmù yẹn gbà ju wákàtí kan lọ, kò sì sí ẹni tó ń sùn. Fíìmù tó bá wá pa eré tì pátápátá, tó fi ẹkún dípò rẹ̀, yóò sú ènìyàn bí èyí tó jẹ́ gólù látòkèdélẹ̀. Ìwọ̀n ẹkún náà sì ní ibi tó yẹ kó dé. Ní ọjọ́ kejì gólù Yẹkínì, nínú ìdíje kan náà, Andrés Escobar ti Kòlóńbíà gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà gbá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín. The Two Escobars, tó jáde ní ọdún 2010, sọ ìtàn náà àti ti oníṣòwò oògùn olóró tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Fíìmù ńlá ni, kò sí ẹni tí kò ní yé, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e síwájú àwọn ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ ọdún Iléyá.

Àtakò mìíràn ni pé ẹni tó ti mọ èsì kò ní rí ohun wò. Super Eagles '96, dọ́kúmẹ́ńtárì tí Yẹmí Bámirò ṣe, dáhùn ìyẹn fún wa ní ilé, nítorí kò sí ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà tó tí kò mọ̀ pé wọ́n gba wúrà ní Atlanta. Bùràsíìlì ń ṣíwájú ní 3 sí 1. Victor Ikpeba gba ọ̀kan padà, Nwankwo Kanu dá a sí ọ̀mì nígbà tí ìṣẹ́jú ti fẹ́ tán, ó sì tún gbá èyí tó parí rẹ̀ ní 4 sí 3. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Emmanuel Amunike gbá gólù tó fi di 3 sí 2 fún wọn lórí Ajẹntínà. A ti mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí fíìmù náà ń tọ́ka sí ni orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, Abacha wà lórí oyè, wọ́n ti so Ken Saro-Wiwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Nàìjíríà kò sì lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí South Africa gbàlejò ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996. Ẹni tó ń bá ìjọba rẹ̀ bínú ló jáde síta lóru tó ń gbé àsíá ìjọba kan náà sókè. Kì í ṣe ta ni yóò borí ni ìbéèrè ibẹ̀. Bí ayọ̀ ṣe ráyè wọ inú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà, èyí kò sì lè tán nítorí pé a mọ iye gólù. Ààlà kan wà o. Ọmọ ogún ọdún tí kò mọ Abacha ju orúkọ lọ yóò nílò kí àgbà kan jókòó tì í, àgbà náà sì lè jẹ́ ẹni tí kò wo bọ́ọ̀lù rí, nítorí òun gan-an ló ní ìtàn tó kù nínú rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé dọ́kúmẹ́ńtárì ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú fíìmù eléré ní gbogbo ìgbà, torí òtítọ́ ni. Next Goal Wins gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìdílé Adétòkunbọ̀ kò gbè wọ́n. Prime Video gbé dọ́kúmẹ́ńtárì kan jáde ní ọdún 2024, Giannis: The Marvelous Journey, tó bá ọkùnrin náà dé inú iṣẹ́ rẹ̀ ní Milwaukee. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹgbẹ́ àti ìdíje, ẹni tí kò mọ básíkẹ́ẹ̀tì yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo fóònù rẹ̀. Kó kọ́kọ́ wo Rise ló dára. Bí ó bá ti mọ bàtà yẹn tán, yóò lè fara da èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ń wá wọn, ẹ má tẹ orúkọ eré, torí gólù àti àkójọ àṣeyọrí ni ẹ̀rọ yóò kó jáde fún yín. Ẹ tẹ orúkọ fíìmù pẹ̀lú ọdún rẹ̀, báyìí: `Next Goal Wins 2014` tàbí `Hoop Dreams 1994`. Bí ọ̀kan bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ tẹ orúkọ olùdarí rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ bí a ṣe ń so ilé mọ́ pápá sábà máa ń tún un ṣe. Ẹ rántí pé Disney+ kò tíì máa tajà ní Nàìjíríà nígbà tí Rise jáde, nítorí náà ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò ṣí i fún yín kí ẹ tó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ti èdè, Lagaan jẹ́ ti Híńdì, Ìlọrin kò sì ṣàjèjì sí fíìmù Íńdíà. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ bá wò ó kò bá lè ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ pín fíìmù náà sí ọjọ́ méjì, kí ọjọ́ kejì sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rán an létí pé ìlọ́po mẹ́ta ni wọn yóò san bí wọ́n bá fìdí rẹmi. Ẹ má ṣàlàyé iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù kí ẹlòmíì tó gbà á, àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ bèèrè.